Iná ìkàwé kan, ìpolówó mẹ́ta: bí mo ṣe tún un ṣe

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kan ní ṣọ́ọ̀bù kékeré lórí ayélujára. Ọjà mẹ́sàn-án péré ló ń tà níbẹ̀, èyí tó sì ń mú èrè wá jù nínú wọn ni iná ìkàwé kan tó ní kílíìpù, tí èèyàn lè há mọ́ ẹ̀yìn ìwé. Òun fúnra rẹ̀ ló ti ń sanwó polówó rẹ̀ lórí Fesibúùkù kó tó pè mí ní alẹ́ ọjọ́ kan. Ó ní, "Àbúrò mi, owó ń lọ, iná ò lọ. Jọ̀ọ́, bá mi yẹ̀ ẹ́ wò." Àkọsílẹ̀ ohun tí mo ṣe nìyí, láti ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ ṣí i wò.

Mi ò ní kọ iye owó kankan síbí. Èrè tó wà lórí iná kan ṣoṣo ni mo fi ń wọn gbogbo nǹkan. Tí a bá ná èrè iná mẹ́rin sórí ìpolówó lójúmọ́, iná mẹ́rin gbọ́dọ̀ tà lójúmọ́ ká tó lè sọ pé a ò pàdánù. Ìṣirò yìí yé ẹ̀gbọ́n mi ju gbogbo ìdá-nínú-ọgọ́rùn-ún lọ. Kí n má purọ́, ó yé èmi náà jù bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ 1: ohun tí mo bá nílẹ̀

Ìpolówó tó ń sáré nígbà tí mo dé ọ̀hún nìyí:

> Àkọlé: Ìmọ́lẹ̀ tó ń yí alẹ́ padà!
>
> Ọ̀rọ̀: Ṣé o ti ṣetán láti gbádùn alẹ́ rẹ bí o kò ṣe gbádùn rẹ̀ rí? Iná wa tó rẹwà, ojúlówó, tó ń tàn fún wákàtí 40, ti dé! Má jẹ́ kó bọ́ mọ́ ọ lọ́wọ́. Rà á báyìí!

Àwòrán tó bá a lọ dára púpọ̀. Yàrá tó tòrò, kọ́tìnnì funfun, àpótí kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, iná náà sì wà lórí àpótí ọ̀hún, ó ń tàn. Mo fẹ àwòrán náà lórí fóònù mi kí n tó rí kílíìpù rẹ̀. Ìdí tí mo fi fẹ̀ ẹ́ yìí máa jáde níwájú.

Agbo mẹ́rin ni ẹ̀gbọ́n mi pín àwọn tó fẹ́ kó rí ìpolówó náà sí: àwọn tó fẹ́ràn ìwé, àwọn akẹ́kọ̀ọ́, àwọn tó fẹ́ràn ṣíṣe ilé lọ́ṣọ̀ọ́, àti àwọn tó ti lé ní ọdún 55. Èrè iná kan lójúmọ́ fún agbo kọ̀ọ̀kan. Lọ́jọ́ márùn-ún, èrè iná ogún ti lọ. Ìpolówó náà hàn ní ìgbà 9,640, wọ́n tẹ líǹkì rẹ̀ ní ìgbà 241, èèyàn mẹ́fà kó iná sínú apẹ̀rẹ̀ ìrajà, méjì sanwó.

Ìgbà 241 nínú 9,640 jẹ́ ìdá 2.5 nínú ọgọ́rùn-ún. Nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i, inú mi dùn, torí kì í ṣe iye tí ò dáa rárá. Ohun tí ẹ̀gbọ́n mi náà ń wò nìyẹn: ó ń rí i pé àwọn èèyàn ń tẹ̀ ẹ́, ó wá rò pé ìpolówó ń ṣiṣẹ́ rẹ̀, ó kàn ku kí wọ́n rà á ni. Àmọ́ títẹ̀ kì í ṣe títà. Ẹni tó tẹ̀ ẹ́ tí kò rà á, àwa la bá a sanwó ìran tó wá wò.

Ọjọ́ 2: àwọn tó sọnù lójú ọ̀nà

Nínú `Ads Manager`, ibi tí Fesibúùkù ti ń fi èsì ìpolówó hàn wá, òpó méjì ló yẹ kéèyàn gbé sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn: `Link clicks` àti `Landing page views`. Èyí àkọ́kọ́ ń ka iye ìgbà tí wọ́n tẹ líǹkì. Èyí ìkejì ń ka iye ìgbà tí ojú ewé ṣọ́ọ̀bù ṣí tán lóòótọ́ lẹ́yìn tí wọ́n tẹ̀ ẹ́. Ó ṣòro kí méjèèjì dọ́gba, torí àwọn kan á ṣèèṣì tẹ̀ ẹ́, wọ́n á sì padà kíá. Àmọ́ 241 àti 131 ni mo bá níbẹ̀. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìlàjì wọn tó ti lọ kí wọ́n tó rí iná náà rárá.

Mo pa wáì-fáì fóònù mi, mo fi dátà lásán ṣí ojú ewé náà bí oníbàárà ṣe máa ṣí i. Mo ka ení, èjì, ẹ̀ta, títí mo fi ka mọ́kànlá, kí àwòrán àkọ́kọ́ tó yọ. Fáìlì àwòrán yẹn fúnra rẹ̀ jẹ́ mẹ́gábáìtì 4.6, bó ṣe jáde látinú kámẹ́rà ni ẹ̀gbọ́n mi ṣe gbé e sórí ojú ewé. Mo dín in kù sí kílóbáìtì 180, lórí fóònù kò sì sẹ́ni tó lè mọ ìyàtọ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni gbogbo àtúnṣe yẹn gbà.

Ibi tí mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe àṣìṣe nìyí. Ọwọ́ mi ti ń yún mi láti kọ ìpolówó tuntun lọ́jọ́ yẹn gan-an. Àmọ́ tí mo bá pààrọ̀ ojú ewé àti ọ̀rọ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, tí ọjà wá bẹ̀rẹ̀ sí í lọ, mi ò ní mọ èwo nínú méjèèjì ló ṣiṣẹ́. Nítorí náà mo fi ìpolówó àtijọ́ sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì sí i.

Ọjọ́ 3 àti 4

Èrè iná mẹ́jọ lọ. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ ní ìgbà 98, ojú ewé ṣí ní ìgbà 85, ẹni mẹ́rin kó o sínú apẹ̀rẹ̀, ẹnì kan rà á.

Ojú ọ̀nà ti là, èèyàn ti ń dé inú ṣọ́ọ̀bù, síbẹ̀ wọn ò rà. Àléébù tó kù wà nínú ìpolówó fúnra rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi kò fẹ́ràn ọjọ́ méjì yìí rárá o. "O mọ̀ pé kò dáa, o tún wá jẹ́ kó máa jẹ owó mi?" Mo bẹ̀ ẹ́. Mo ní, "Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n. Owó ìwádìí ni ẹ kà á sí."

Ọjọ́ 5: ìbéèrè 47

Mo ní kí ẹ̀gbọ́n mi fún mi ní gbogbo ìbéèrè táwọn èèyàn ti béèrè nípa iná yìí, lórí Wásáàpù àti lábẹ́ ìpolówó. Mẹ́tàdínláàádọ́ta ni gbogbo rẹ̀. Mo kọ wọ́n sórí bébà bí wọ́n ṣe béèrè wọn gan-an, mi ò tún ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni ṣe, mo wá ń kó àwọn tó jọra pọ̀.

Mọ́kàndínlógún nínú wọn ń béèrè bóyá ó lè dúró lórí tábìlì, bóyá ó lè tan gbogbo yàrá, bóyá wọ́n lè fi kọ́ ara ògiri. Mọ́kànlá ń béèrè nǹkan tó jọ èyí: "Ṣé ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ò ní da ẹni tó sùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi láàmú?" Mẹ́jọ béèrè nípa ṣíṣájì rẹ̀, mẹ́fà béèrè ìgbà tí yóò dé ọwọ́ wọn. Mẹ́ta tó kù kò kan ọjà.

Mo wá bi ẹ̀gbọ́n mi pé àwọn wo ló padà rà á nínú wọn. Ẹni mẹ́sàn-án. Nínú mẹ́sàn-án yìí, méje ló wà lára àwọn tó béèrè nípa ẹni tó sùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Nínú mọ́kàndínlógún tó ń béèrè iná yàrá, ẹyọ ẹnì kan ò rà á.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ti yé mi. Àwòrán yẹn àti "ìmọ́lẹ̀ tó ń yí alẹ́ padà" ń pe àwọn tó ń wá iná yàrá. Wọ́n ń rí nǹkan tó rẹwà, wọ́n ń tẹ̀ ẹ́, wọ́n ń dé ibẹ̀, wọ́n ń rí iná tí kò tóbi ju ìka àárín lọ, wọ́n sì ń padà sílé. Ìdí tí títẹ̀ fi pọ̀ nìyẹn, òun náà sì ni ìdí tí títà kò fi sí. Àkọlé náà ń pe èrò tí kò bá ọjà wá. Ohun tí mo nílò ni àkọlé tó máa lé àwọn yẹn dànù kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́, kí owó wa lè kù fún ẹni tó ń kàwé lóru tí ẹnì kan sì ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ọjọ́ 6: kíkọ ọ̀rọ̀

Ohun àkọ́kọ́ tí mo yọ ni "o" àti "rẹ". Ẹ̀gbọ́n mi gba ọ̀rọ̀ "ṣé o ti ṣetán" látinú àpẹẹrẹ ìpolówó èdè míì ni. Ní Yorùbá, ẹni tí a kò mọ̀ rí tí a wá ń bá tajà, "ẹ" là ń bá a sọ̀rọ̀. Àgbàlagbà tó bá rí "rà á báyìí" lójú fóònù rẹ̀ lè má mọ ohun tó bí òun nínú, àmọ́ á kàn yí i kọjá.

Àkọlé àkọ́kọ́ tí mo kọ, mo rò pé mo ti parí iṣẹ́: "Ẹ kàwé lóru láì jí ọkọ yín." Mo kà á fún ẹ̀gbọ́n mi lórí fóònù. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá bú sẹ́rìn-ín. "Ta ló fẹ́ bá wọn jí ọkọ wọn?" Àbí ẹ ò rí i? "Jí" tí ẹni tó sùn ń jí, òun náà ni "jí" tí olè ń jí, ohùn kan náà ni wọ́n sì gbà. Tí ẹni tó ń kánjú bá tún wá kà á sí "ọkọ̀", ó ti di ìpolówó àwọn tó ń jí mọ́tò. Yàtọ̀ sí yẹn, kì í ṣe ọkọ nìkan ló ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ èèyàn. Ìyàwó wà ńbẹ̀, ọmọ jòjòló wà ńbẹ̀, ẹni tí a jọ ń gbé yàrá wà ńbẹ̀. Mo pa á rẹ́. Láti ìgbà yẹn, mi ò gbé ọ̀rọ̀ kankan jáde tí mi ò tíì kà sókè fún ẹlòmíì.

Mo tún kọ òmíràn fún àwọn àgbàlagbà: "Ṣé ojú yín ò ríran dáadáa mọ́ lálẹ́?" Mo fi í sílẹ̀, mo rò pé ó dáa. Kò pẹ́ tí mo fi sí i tí wọ́n dá a padà, ẹ̀bi mi sì ni. Òfin ìpolówó Fesibúùkù kò gba kí ọ̀rọ̀ ìpolówó sọ tàbí dọ́gbọ́n sọ pé a mọ nǹkan nípa ẹni tó ń kà á, bí àìsàn rẹ̀, àbùkù ara rẹ̀, ọjọ́ orí rẹ̀, ẹ̀sìn rẹ̀ tàbí bí owó ṣe rí lọ́wọ́ rẹ̀. "Ojú yín ò ríran" ń nawọ́ sí ojú òǹkàwé ni. Ọ̀nà àbáyọ rọrùn: kí ọ̀rọ̀ kúrò lára èèyàn, kó lọ sára ọjà. "Ó ń mú kí lẹ́tà wẹ́wẹ́ hàn ketekete" sọ ohun kan náà, kò sì sọ ojú ẹnikẹ́ni.

Nípa gígùn ọ̀rọ̀: lórí fóònù, Fesibúùkù máa ń gé ọ̀rọ̀ ìpolówó ní nǹkan bí àmì 125, èyí tó bá kù á wọ abẹ́ ibi tí èèyàn gbọ́dọ̀ tẹ̀ kó tó rí i. Mo gbìyànjú láti fi `LEN` kà á nínú ṣíìtì, àmọ́ ó ń fún mi ní iye tó ju èyí tí ojú mi ń rí lọ. Àmì ohùn wa ló fà á. "Ọ́" tó jẹ́ lẹ́tà kan lójú wa, méjì ni kọ̀ǹpútà ń kà á sí, torí kò sí lẹ́tà kan ṣoṣo tó gbé àmì ìsàlẹ̀ àti àmì òkè yẹn pọ̀. Mo fi `LEN` sílẹ̀, mo ń wo bó ṣe máa rí lójú fóònù gan-an kí n tó gbà á.

Ọjọ́ 7: wákàtí 40 àti àwòrán

"Wákàtí 40" tó wà nínú ìpolówó àtijọ́, ara páálí ni ẹ̀gbọ́n mi ti kà á. Mo bi í bóyá ó ti dán an wò rí. Rárá. A ṣájì iná méjì kún. A tan ọ̀kan ní ìmọ́lẹ̀ tó ga jù, a tan èkejì ní èyí tó rẹlẹ̀ jù, a sì kọ àkókò sílẹ̀. Ti àkọ́kọ́ kú lẹ́yìn wákàtí 6 àti ìṣẹ́jú díẹ̀. Ti ìkejì tàn títí di ọ̀sán ọjọ́ kejì, ó fi díẹ̀ lé ní wákàtí 21. Kò sí ibi tí 40 ti wá. Tí a bá gbé 40 síta, ẹni tó rà á á mọ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan pé a purọ́, á sì wá kọ ọ́ sábẹ́ ìpolówó wa níbi tí gbogbo ayé ti máa rí i. A kọ 20 àti 6.

Fóònù ni mo fi ya àwòrán tuntun. Ìwé tó ṣí sílẹ̀, iná tó há mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ tó dúró sórí ojú ìwé nìkan, ọwọ́ kan tó di ìwé mú kí èèyàn lè mọ bí iná náà ṣe kéré tó. Lẹ́yìn rẹ̀, nínú òkùnkùn, ìrọ̀rí àti èjìká ẹni tó ń sùn. Kò rẹwà tó ti àtijọ́, àmọ́ kò sẹ́ni tó máa rò pé iná yàrá ni.

Mo fẹ́ kọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ sára rẹ̀, ó sì fẹ́ ya mí ní wèrè. Irú lẹ́tà tó rẹwà tí mo yàn kò mọ àwọn àmì wa. "Ẹ̀" jáde pẹ̀lú àmì ohùn tó yà sí ẹ̀gbẹ́ bíi fìlà tí atẹ́gùn gbé, "ṣ" sì di àpótí kékeré. Mo pààrọ̀ irú lẹ́tà lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Níkẹyìn mo yọ gbogbo ọ̀rọ̀ kúrò lára àwòrán, mo ní kó máa sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀.

Ìpolówó kejì, ọjọ́ 8 sí 14

> Àkọlé: Iná kékeré tí ẹ lè há mọ́ ìwé
>
> Ọ̀rọ̀: Ẹ máa kàwé lọ lóru, kí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín máa sùn lọ. Ojú ìwé nìkan ni iná yìí ń tàn sí.
>
> Ó ń mú kí lẹ́tà wẹ́wẹ́ hàn ketekete. Ìpele ìmọ́lẹ̀ mẹ́ta ló ní. Tí ẹ bá ṣájì rẹ̀ kún, á tàn fún wákàtí 20 ní ìpele tó rẹlẹ̀ jù, wákàtí 6 ní èyí tó ga jù.
>
> Kì í ṣe iná yàrá o. Ìwé nìkan la ṣe é fún.
>
> Bọ́tìnnì: `Shop now`

Agbo mẹ́rin yẹn di ẹyọ kan. Fesibúùkù máa ń fi ìbẹ̀rẹ̀ ìpolówó kọ́ irú ẹni tó yẹ kó gbé e hàn. Nǹkan bí àádọ́ta èsì láàárín ọjọ́ méje ló sì ń fẹ́ fún agbo kọ̀ọ̀kan kí ìkọ́ṣẹ́ yẹn tó parí. Pẹ̀lú èrè iná kan lójúmọ́, agbo kan kò lè rí àádọ́ta láyé. A kàn ń fọ́n owó ká sí ibi mẹ́rin, kò sì sí ìkankan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó gbọ́n. Mo kó gbogbo èrè iná mẹ́rin ojúmọ́ síbi kan.

Èsì wo la máa ní kó wá fún wa? Tí mo bá ní kó wá "ẹni tó máa sanwó", títà wa kéré jù fún un láti rí nǹkan kọ́. Mo ní kó máa wá ẹni tó máa kó o sínú apẹ̀rẹ̀, torí ìyẹn pọ̀ díẹ̀, kò sì jìnnà sí sísanwó. Mi ò jẹ́ sọ fún un láéláé pé kó wá ẹni tó máa tẹ líǹkì. Àwọn tó fẹ́ràn títẹ nǹkan kiri pọ̀ lórí ayélujára, á sì rí wọn kó wá fún ọ.

Líǹkì tí mo fi sí i ní àmì lára, kí n lè mọ̀ nínú àkọsílẹ̀ ṣọ́ọ̀bù pé látinú ìpolówó wo ni ẹni tó rà á ti wá:

```
https://example.com/ina-ikawe?utm_source=facebook&utm_medium=paid&utm_campaign=ina-ikawe&utm_content=ipolowo-b
```

Lọ́jọ́ méje, èrè iná 28 lọ. Ó hàn ní ìgbà 15,200, wọ́n tẹ̀ ẹ́ ní ìgbà 228, ojú ewé ṣí ní ìgbà 196, ẹni 41 kó o sínú apẹ̀rẹ̀, 23 sanwó.

Nígbà tí ọjọ́ méje yẹn pé, ẹ̀gbọ́n mi pè mí pẹ̀lú ìbẹ̀rù. Ó ti rí i pé ìdá àwọn tó ń tẹ̀ ẹ́ ti já wálẹ̀ láti 2.5 sí 1.5. "Kò ṣe dáadáa tó ti tèmi." Mo ní kó wo òpó ìkẹyìn, kó fi ti àkọ́kọ́ sílẹ̀. Ṣáájú, nínú ìgbà 241 tí wọ́n tẹ̀ ẹ́, méjì ló rà. Báyìí, nínú 228, mẹ́tàlélógún. Àwọn tí kò tẹ̀ ẹ́ mọ́ yẹn, àwọn tó ń wá iná yàrá ni.

Síbẹ̀ a ṣì jẹ gbèsè èrè iná márùn-ún.

Ọjọ́ 15: ibi tí apẹ̀rẹ̀ ti ń jò

Ẹni 41 kó o sínú apẹ̀rẹ̀, 18 nínú wọn padà lẹ́yìn. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlàjì, ká má tàn ara wa jẹ. Mo padà sí bébà ìbéèrè 47 yẹn. Ìbéèrè mẹ́jọ nípa ṣíṣájì àti mẹ́fà nípa ìgbà tó máa dé ọwọ́ wọn: mi ò dáhùn wọn tán nínú ìpolówó, ojú ewé ṣọ́ọ̀bù kò sì dáhùn wọn rárá. Mo fi ìlà mẹ́ta kún un, sínú ìpolówó àti sí ẹ̀gbẹ́ bọ́tìnnì ìsanwó:

> Wáyà tí ẹ fi ń ṣájì fóònù lè ṣájì rẹ̀. Ọ̀kan sì wà nínú páálí.
>
> Ọjọ́ 2 sí 4 ló máa fi dé ọwọ́ yín.
>
> Tí kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ dá a padà láàárín ọjọ́ 14.

Kí n tó kọ ìlà kìíní yẹn, mo ní kí ẹ̀gbọ́n mi fi wáyà fóònù tirẹ̀ dán an wò, kó sì yàwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Ìlà kẹta, mo kọ́kọ́ bi í bóyá òótọ́ ni pé ó máa gbà á padà, àbí ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni. Ó ronú sí i fún ọjọ́ kan kó tó gbà.

Àkọsílẹ̀ àwọn tí a fẹ́ kó rí i

Èyí ni mo kọ sílẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n mi, kó lè máa fi ṣe é fúnra rẹ̀ tí mi ò bá sí ńlé:

*Ibi:* ibi tí ṣọ́ọ̀bù lè kó ọjà dé láàárín ọjọ́ mẹ́rin nìkan. Tí ẹ bá fi ibi tó jìnnà kún un, ìlà "ọjọ́ 2 sí 4" ti di irọ́ nìyẹn.

*Ọjọ́ orí:* láti 18 lọ sókè, ẹ má fi òpin sí i. Mo ti wo àwọn tó rà á, láti akẹ́kọ̀ọ́ dé ìyá àgbà ni.

*Akọ tàbí abo:* ẹ fi méjèèjì sílẹ̀.

*Ohun tí wọ́n fẹ́ràn:* ẹ má yan nǹkan kan. Àkọlé àti àwòrán ló ń ṣa àwọn èèyàn fún wa báyìí. Tí ẹ bá yan "àwọn tó fẹ́ràn ìwé", ẹ ti ti ìyá ọlọ́mọ jòjòló tó ń ka fóọ̀mù ilé ìwòsàn lóru síta.

*Àwọn tí kò gbọ́dọ̀ rí i:* ẹni tó ti rà á láàárín ọjọ́ 180 sẹ́yìn. Píkísẹ̀lì, ìyẹn kóòdù kékeré Fesibúùkù tó wà lórí ojú ewé "ẹ ṣeun", ló ń kó wọn jọ. Tí ẹ bá pààrọ̀ ojú ewé yẹn, ẹ ra iná kan lọ́wọ́ ara yín kí ẹ wò ó bóyá ó ṣì ń kà á.

*Àwọn tó jọ oníbàárà wa:* kò tíì tó àkókò. Ó kéré tán ọgọ́rùn-ún èèyàn láti orílẹ̀-èdè kan náà ni Fesibúùkù ń béèrè kó tó lè wá àwọn tó jọ wọ́n, àwọn oníbàárà tí a ní lákọsílẹ̀ kò sì ju 64 lọ.

*Títún un ṣe:* ẹ má fọwọ́ kan ọ̀rọ̀, àwòrán tàbí àwọn èèyàn rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀. Àtúnṣe ńlá kọ̀ọ̀kan máa ń dá ìkọ́ṣẹ́ rẹ̀ padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ kó gbogbo àtúnṣe jọ di ọjọ́ Ajé.

Ìpolówó kẹta, ọjọ́ 16 sí 22

Owó kan náà, èrè iná 28. Wọ́n kó o sínú apẹ̀rẹ̀ ní ìgbà 57, ẹni 31 sanwó. Èrè iná mẹ́ta ló kù sọ́wọ́ wa.

Mi ò lè fọwọ́ sọ̀yà pé ìlà mẹ́ta tí mo fi kún un ló mú 23 di 31. Iye náà kéré, ọ̀sẹ̀ kan lè sàn ju òmíràn lọ láìsí ìdí. Ẹ tún wò ó dáadáa: àwọn tó sanwó nínú àwọn tó kó o sínú apẹ̀rẹ̀ kò tíì kúrò ní nǹkan bí ìdá 55 nínú ọgọ́rùn-ún, bó ṣe wà lọ́sẹ̀ tó ṣáájú náà nìyẹn. Àwọn tó ń kó o sínú apẹ̀rẹ̀ ló pọ̀ sí i. Ó jọ pé inú ìpolówó ni ìlà mẹ́ta yẹn ti ṣiṣẹ́, wọn ò ṣe nǹkan kan níbi ìsanwó. Apẹ̀rẹ̀ ṣì ń jò. Èyí tó dá mi lójú ni ìyàtọ̀ àárín 2 àti 23, ìyẹn ti ju oríire lọ.

Ọjọ́ 23, ọjọ́ Àìkú

Ẹ̀gbọ́n mi fi ìbéèrè kan ránṣẹ́ sí mi láàárọ̀ yìí, ó fi ẹ̀rín sí i nídìí: ẹnì kan tún ń béèrè bóyá iná náà lè tan yàrá tó tóbi díẹ̀. Mo ṣí ìpolówó náà lórí fóònù mi bí àlejò ṣe máa rí i. "Kì í ṣe iná yàrá o" wà níbẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ abẹ́ ibi tí fóònù ti ń gé ọ̀rọ̀ ló wà, ẹni tí kò bá tẹ̀ ẹ́ kò ní rí i. Mo ti kọ ọ́ sínú ìwé àtúnṣe ọjọ́ Ajé: kí ó gòkè lọ sí ìlà kejì, kí "ìpele ìmọ́lẹ̀ mẹ́ta" sọ̀ kalẹ̀.